Tíìmù lídà oṣù márùn-ún: kí ni ẹ lè kọ nípa àwọn tí ẹ ń darí?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní báǹkì kékeré kan tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe lóònù ọ́físà kí wọ́n tó fi mí ṣe tíìmù lídà ní oṣù kìíní ọdún yìí, ènìyàn márùn-ún ló sì wà lábẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń wá mánéjà ẹ̀ka báyìí, wọ́n ní kí a kọ bí a ṣe ń darí ènìyàn àti ohun tó ti ìdí títọ́ wọn sọ́nà jáde. Gbèsè tó pẹ́ nílẹ̀ nínú tíìmù mi ti bọ́ láti 12 nínú ọgọ́rùn-ún sí 6. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún péré ni mo tíì lò. Tí mo bá kọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ní mò ń fọ́nnu. Tí mi ò bá kọ ọ́, kí ni mo fẹ́ kọ? Mo fi àkọsílẹ̀ mi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè yìí kí ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Arábìnrin, mo ka àkọsílẹ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni ẹ ò mẹ́nu bà rárá nínú ìbéèrè yín. Ẹ fi 12 sí 6 ṣíwájú nítorí pé òun ló ń dán lójú. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi ṣíwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin inú tíìmù yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Sábó, èyí tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn ìwé yín bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, gba ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ ná, torí àwọn tó máa ka ìwé yín, oníṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n, wọ́n á sì ṣe ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe yìí kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kejì.

Bí gbogbo wa ṣe ń ṣírò gbèsè tó pẹ́ nìyí: a ó kó gbogbo owó tó ṣì kù lọ́rùn àwọn tí ìsanwó wọn ti lé ní ọjọ́ 30 sẹ́yìn jọ, a ó pín in pẹ̀lú gbogbo owó tó wà lóde. Ní ìparí oṣù kìíní, owó tíìmù yín tó wà lóde jẹ́ mílíọ̀nù 15 náírà, èyí tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.8. Ìyẹn ni 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìparí oṣù karùn-ún, owó tó wà lóde ti di mílíọ̀nù 24, èyí tó pẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 1.44. Ìyẹn ni 6. Ìṣirò yín pé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó tó pẹ́ yẹn fúnra rẹ̀: ẹgbẹ̀rún 360 péré ló fi dín, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún. Tí owó tó wà lóde bá dúró sí mílíọ̀nù 15 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀ bá ní, kì í ṣe 6. Ìyókù tó bọ́ sílẹ̀ yẹn, owó tuntun tí ẹ yá ènìyàn ló fà á. Owó tí a yá ènìyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá ò lè tíì pẹ́ ọjọ́ 30 láéláé. Nígbàkígbà tí ẹ̀ka kan bá ń yáni lówó kíákíá, iye yìí á wálẹ̀, ì báà jẹ́ pé tíìmù lídà ń sùn. Tí owó tuntun yẹn bá wá dàgbà tán tí kò dára, iye náà á tún gòkè padà ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ẹ ó ti kúrò níbẹ̀.

Ó tún ku ohun kan. Kí ẹ béèrè bóyá olú ilé iṣẹ́ yín pa gbèsè kankan rẹ́ kúrò nínú ìwé láàárín oṣù márùn-ún yẹn. Àkọsílẹ̀ yín ò sọ ọ́. Tí wọ́n bá pa gbèsè àwọn kan tó ti sá lọ rẹ́, owó tó pẹ́ á dín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti ìgbà. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ á bi yín pé káṣú ńkọ́? Láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún ni káṣú máa ń jáde lágbègbè wa, owó á sì wọlé sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á, àwọn tó ń rà á, àwọn tó ń gbé e, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ fún wọn. Oṣù kìíní ni ẹ sì fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín, oṣù tí ọdún Kérésì ti gbọ́n ọwọ́ gbogbo ayé gbẹ, tí owó ilé ìwé sì tún délẹ̀. Ẹ gbé oṣù tó le jù sí ọwọ́ kan, ẹ gbé oṣù tó dẹ̀ jù sí ọwọ́ kejì. Kò sí tíìmù lídà tí kò ní dára lójú nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà yẹn ò lè fi hàn pé ẹ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ni ẹ ń wá.

Nǹkan mìíràn tó wà lọ́kàn mi nípa 12 sí 6 ni pé nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yín ni, kì í ṣe tiyín. Kò dára kí ẹ gbé iye owó tó wà lóde àti iye tó ti bàjẹ́ lọ fún ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ yín du oníbàárà. Ẹni tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín á rò pé bí ẹ ó ṣe ṣe ti òun náà nìyẹn lọ́la.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí Sábó.

Ẹ kọ ọ́ pé nínú oṣù kejì, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, ẹni tó kéré jù nínú iṣẹ́, ni gbèsè tirẹ̀ ń pọ̀ jù. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ bá a lọ sóde lọ́jọ́ kan láì sọ fún un pé kí ni ẹ fẹ́ wò. Ẹ rí i bó ṣe dúró ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà, tó béèrè orúkọ, àdírẹ́sì, iye tí ìyá náà fẹ́ àti orúkọ onídùúró, tó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù lórí ìdúró, tó sì yí padà. Ó kéré tán, káàdì ìdáwó ilé iṣẹ́ mìíràn méjì wà lábẹ́ ike tí ìyá náà ń kó owó sí, ojú yín tó o, ojú rẹ̀ ò tó o. Nígbà tí ẹ kúrò níbẹ̀ ẹ ò bá a wí. Ẹ bi í pé, "Kí lo rí ní ìsọ̀ ìyá yẹn?" Ó ní, "Àlùbọ́sà ni, mà." Ẹ ní, "Àpò mélòó?" Kò mọ̀. Ẹ ní, "Àpò mélòó ló máa ń tà lọ́sẹ̀?" Kò béèrè.

Arábìnrin, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ ti di adarí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní lẹ́tà. Ẹ rí ohun pàtó tí ọmọ iṣẹ́ yín ń ṣe, ẹ rí èyí tí kò ṣe, ẹ sì jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kọ ìwé wá sọ́dọ̀ wa á kọ ọ́ pé àwọn "fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìṣírí" tàbí pé àwọn "kọ́ wọn ní iṣẹ́ dáadáa". Kò sí ohun tí ẹni tó ń kà á lè fi ìyẹn ṣe, torí ẹni tó ń jágbe mọ́ ènìyàn náà lè kọ ọ́.

Ẹ tún kọ bí ẹ ṣe tẹ̀ síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ oníbàárà, òun ń wò. Ní méjì tó tẹ̀ lé e, òun ló béèrè, ẹ̀yin dákẹ́, ẹ sì jọ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ní méjì tó gbẹ̀yìn, ó ń dá lọ, ẹ̀yin wá ń yan oníbàárà méjì lọ́sẹ̀ nínú àwọn tó yẹ̀ wò, ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn fúnra yín láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Láti àárín oṣù kẹrin ni ẹ ti yọwọ́. Ọjọ́ tí ẹ yọwọ́ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe máa wọn èso rẹ̀ láìlo nọ́ńbà tí owó tuntun lè yí lójú? Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ owó yíyá dáadáa máa ń lò. Wọn kì í da owó àtijọ́ àti owó tuntun pọ̀ mọ́ra. Wọ́n á kó owó tí a yá ènìyàn láàárín àkókò kan jọ, wọ́n á wo bí ó ṣe ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n á tún kó ti àkókò kejì jọ, wọ́n á wo òun náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ orí owó méjèèjì dọ́gba báyìí, kò sì sí bí owó tuntun ṣe lè bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni tiyín, torí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún wa ní ìsanwó mẹ́rin láti wò. Ẹni tí a ò yẹ̀ wò dáadáa kí a tó yá a lówó kì í pẹ́ tó fi máa ń jù ú sílẹ̀, ìsanwó kejì tàbí ìkẹta ni ẹ ó ti mọ̀ ọ́n.

Mo fi àkọsílẹ̀ yín ṣe é. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì, kí títọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yá ènìyàn 20 lówó. Nínú wọn, 7 ni ó pa ìsanwó kan ó kéré tán jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó yá ènìyàn 22 lówó. Nínú wọn, 2 ló pa á jẹ. Gbogbo owó oṣù kẹrin ló sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà tí oṣù karùn-ún fi parí, nítorí náà kò sí èyí tí a kà láìtó àkókò.

Káṣú ńkọ́ níbí? Òun náà la fi àwọn mẹ́rin yòókù dán wò, àwọn tí ẹ ò bá lọ sóde lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìlú kan náà, ọjà kan náà, ìgbà kan náà. Ní oṣù kìíní àti ìkejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yá ènìyàn 81 lówó, 16 pa ìsanwó jẹ. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, wọ́n yá ènìyàn 90, 15 pa á jẹ. Ó dára sí i díẹ̀, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé káṣú ló ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ti ọmọ Sábó yín ti kúrò lọ́wọ́ 7 nínú 20, ó ti di 2 nínú 22. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti àwọn yòókù ni ẹ lè fi ọkàn tó balẹ̀ pè ní tiyín àti tirẹ̀.

Mo ní tiyín àti tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Òun ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ tí ẹ yọwọ́. Nínú owó 22 yẹn, 9 ló yá ènìyàn lẹ́yìn tí ẹ ò bá a lọ sóde mọ́, tí ẹ ò sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan nínú 9 yìí ló pa ìsanwó jẹ. Lójú tèmi, nọ́ńbà yìí ni olórí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yín. Tí a bá dúró ti ènìyàn lórí, ó dájú pé á ṣe dáadáa, torí ó mọ̀ pé à ń wò ó. Ìyẹn ò tíì di títọ́ sọ́nà, ìṣọ́ lásán ni. Ìgbà tí a bá kúrò níbẹ̀ tí iṣẹ́ náà ò sì bàjẹ́ la tó mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó fẹ́ gbà yín ṣe mánéjà ẹ̀ka mọ̀ pé ẹ ò ní lè bá ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde lójoojúmọ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè kọ́ ènìyàn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ní ti bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sínú síífíì yín, ẹ má da ọdún mẹ́ta àtijọ́ àti oṣù márùn-ún tuntun pọ̀. Mo rí i nínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ pé ẹ fi "Tíìmù lídà" ṣe orí, ẹ wá kọ ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún sí i lábẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá pe ilé iṣẹ́ yín lórí fóònù láti béèrè, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ẹ gba ipò náà. Ọjọ́ orí oyè yín kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bára mu ń ba gbogbo ìyókù ìwé jẹ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kó wà lókè, kí ipò méjì wà lábẹ́ rẹ̀, kí oníkálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́, mo kàn fẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dúró dáadáa lọ́kàn yín. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

Tíìmù lídà, oṣù kìíní ọdún yìí títí di ìsinsìnyí. Mò ń darí lóònù ọ́físà márùn-ún. Èmi ni mò ń pín ọjà àti àdúgbò fún wọn, mò ń yẹ ìwé ẹni tó fẹ́ yá owó wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mánéjà ẹ̀ka, mo sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo tọ́ ọ̀kan lára wọn lórí bí a ṣe ń yẹ oníbàárà wò kí a tó yá a lówó. Nínú ènìyàn 20 tó yá lówó ṣáájú, 7 pa ìsanwó jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Nínú 22 tó tẹ̀ lé e, 2 ni. Ó dá 9 tó gbẹ̀yìn ṣe láìsí èmi, ẹyọ kan ló pa á jẹ nínú wọn.

Lóònù ọ́físà, ọdún mẹ́ta ṣáájú. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ti ara mi ní Tákìé àti Ọjà Jagun, èmi ni wọ́n fi òṣìṣẹ́ tuntun méjì tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti kọ́ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fún ní ìwé tó fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìdánwò wọn.

Ẹ kíyè sí i pé mo kọ 7 nínú 20 àti 2 nínú 22, mi ò sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ ọ́ pé gbèsè dín ní 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò náà kò burú, ṣùgbọ́n 20 àti 22 kéré. Tí ènìyàn méjì péré bá tún pa ìsanwó jẹ, 74 yẹn á ti di 48. Nígbà tí iye bá kéré báyìí, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó ń kà á fúnra rẹ̀ rí bó ṣe kéré tó. Ìyẹn á jẹ́ kó fọkàn tán yín ju ìdá ọgọ́rùn-ún tó gbórí sókè lọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo lò. Mo kọ ọ́ pé ẹ ń darí, ẹ ń pín iṣẹ́, ẹ ń yẹ̀wò, ẹ ń tọ́. Mi ò kọ ọ́ pé ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́, torí ẹ ò gbà á rí, mánéjà ẹ̀ka àti olú ilé iṣẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń buwọ́ lu owó tí a fẹ́ yá ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ yín tó ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ ọ́ kedere, torí oyè tíìmù lídà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Níbì kan, tíìmù lídà ló ń kọ ìwé àyẹ̀wò ọdún fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Níbòmíràn, lóònù ọ́físà tó dàgbà jù lásán ni. Tí ẹ ò bá sọ èyí tí tiyín jẹ́, èyí tó kéré jù ni wọ́n á rò.

Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun méjì tí ẹ kọ́ kí oyè tó dé, ibi tí mo fi wọ́n sí yẹn ni kí ẹ fi wọ́n sí, lábẹ́ ipò àtijọ́. Àwọn mìíràn máa ń gbé wọn wá sábẹ́ oyè tuntun kí ó lè wúwo. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n níye lórí jù níbi tí wọ́n wà, torí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ilé iṣẹ́ ti ń fọkàn tán yín pẹ̀lú ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní lẹ́tà. Bí ènìyàn bá ti ń ṣe nǹkan láìsí oyè, oyè oṣù márùn-ún kì í tún jọ ohun tó já lu ènìyàn lójijì.

Ẹ má kọ orúkọ ọmọ Sábó náà, ẹ má sì kọ Sábó pàápàá sínú ìwé. Iṣẹ́ yìí ò tóbi ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó ń gba ìwé yín lè mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà lè fẹ́ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́la, kí wọ́n sì rántí pé òun ni 7 nínú 20 ń bá wí.

Tí wọ́n bá pè yín fún intafíù, ẹ múra ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n á bi yín bóyá owó 22 yẹn ti tán. Kò tíì tán, ọ̀sẹ̀ 24 ni gbogbo ètò owó yín, ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ẹ wọ̀n, torí òun ló ń fi hàn bí a ṣe yan oníbàárà, pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, àìsàn, iná ọjà, ọjà tó kùtà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìwé lọ́jọ́ tó ṣáájú intafíù, kí ẹ lè sọ ibi tí àwọn 22 náà dé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ì báà dára, ì báà burú.

Wọ́n á bi yín nípa àwọn mẹ́rin yòókù. Kí ló dé tí ẹ ò tọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wà nínú àkọsílẹ̀ yín: ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó ń jìyà jù ni ẹ kọ́kọ́ mú, pé kò sí àyè láti bá ènìyàn márùn-ún jáde lọ́sẹ̀ kan náà, àti pé láti oṣù kẹfà ni ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kejì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpinnu adarí ni, kò yẹ kí ẹ máa tọrọ àforíjì lé e lórí.

Ìkẹta ló le jù: ẹni tí ẹ tọ́ tí kò gbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, tó dàgbà jù yín lọ, tó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó dé, kì í wá síbi ìjókòó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó wá lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú síífíì, ṣùgbọ́n ẹ má fi pamọ́ tí wọ́n bá béèrè, torí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àná. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ìgbésẹ̀ tí ẹ gbé. Ẹ sọ pé ẹ lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ dípò kí ẹ máa pè é wá sí tábìlì yín, pé ẹ ní kó fi bó ṣe ń gba gbèsè àtijọ́ han ọmọ tó kéré jù, ó sì gbà láti ṣe é. Ẹ tún sọ pé ti ìjókòó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ò tíì yanjú, torí bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó le pẹ̀lú àwọn ènìyàn òun láàárín oṣù márùn-ún, ó ṣòro fún mi láti gbà pé ó ti darí ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ mú ìlà mẹ́ta tó wà lórí 20 àti 22 yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè béèrè nípa yín. Tí ó bá jẹ́ mánéjà ẹ̀ka yín ni, tí ẹ kò sì tíì fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń lọ, ẹ lo ẹni tó jẹ́ tíìmù lídà ṣáájú yín, tàbí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé ní ẹ̀ka. Ẹ jẹ́ kó ka nọ́ńbà náà sójú yín, kó sọ èyí tí òun lè jẹ́rìí sí àti èyí tí òun ò lè jẹ́rìí sí. Èyí tí kò bá lè jẹ́rìí sí, ẹ yọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ òótọ́.